Kí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ ìlù ọkàn rẹ̀, kí nọ́ńbà tó dé

«Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta sẹ́kọ́ńdírì kékeré ní ẹ̀kọ́ ìlera àti eré ìdárayá. Mo kọ 220 − ọjọ́ orí sí pátákó, mo ṣàlàyé ìpele ìlù ọkàn, wọ́n sì dà á kọ. Ìgbà tí mo ní kí wọ́n ka tiwọn lórí ìjókòó, ẹnìkan rí 48, ẹnìkan rí 176. Ọmọ 52 ni wọ́n, a ò sì ní ẹ̀rọ kankan. Báwo ni kí n ṣe é kó lè yé wọn?»

Ẹ kú làálàá, olùkọ́. Ẹ má jẹ́ kí 48 àti 176 yẹn dà yín láàmú. Ìka ọwọ́ ló bí wọn. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá, tó ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ọkàn rẹ̀ sábà máa ń lù láàárín 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo 176 yẹn dáadáa: ìdajì rẹ̀ ni 88, iye tó bá ọmọ tó jókòó mu gan-an. Ó jọ pé àtàǹpàkò lọmọ náà fi tẹ ọrùn ọwọ́. Àtàǹpàkò ní iṣan tirẹ̀ tó ń lù, torí náà ó ka ìlù kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó rí 48, bóyá ó tẹ ọwọ́ mọ́ ọn jù, tí ìlù fi ń pòórá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ ní kí àwọn méjèèjì tún un kà. Bí ẹ bá fúnra yín kà á fún ọmọ kan lẹ́ẹ̀mẹta, tó ṣì ju 120 lọ lórí ìjókòó, ẹ pe òbí rẹ̀ kí wọ́n gbé e lọ síbi tí dókítà á ti wò ó.

Ohun tí màá fẹ́ kí ẹ yí padà ni èyí tó ṣíwájú àti èyí tó tẹ̀lé e. Orí nọ́ńbà lẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ń wá ara tí á bá nọ́ńbà mu. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ rí ìlù náà, kó sì mọ bí èémí òun ṣe ń yí padà bí iṣẹ́ bá ṣe ń le sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí nọ́ńbà tó wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, ẹ ní kí wọ́n gbé ọwọ́ òsì lé tábìlì, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Kí wọ́n fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún tọ ìdí àtàǹpàkò wá sí ọrùn ọwọ́, títí wọ́n á fi bọ́ sínú kòtò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń yẹ máńgòrò wò bóyá ó ti rọ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jù, iṣan á pa dé, wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ibi tó bá ti ń lù gan-an ni kí wọ́n fi bírò sàmì kékeré sí. Àmì bírò yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ. Bí ọmọ bá dúró lẹ́yìn iṣẹ́ líle, kíá ni ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá 20 wá ibi tí iṣan wà kiri, ọkàn tó ti ń sinmi ló máa kà, nọ́ńbà rẹ̀ á wá kéré sí iṣẹ́ tó ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ kíláàsì ti ń ṣìnà, tí olùkọ́ á sì rò pé àwọn ọmọ ò mọ ìṣirò.

Ẹni tí kò bá rí i ní ọwọ́ lè wá a ní ọrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gògóńgò. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni o, kó sì fọwọ́ bà á pẹ̀lẹ́. Títẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pa pọ̀ lè dín bí ọkàn ṣe ń lù kù, òòyì sì lè kọ́ ọmọ.

Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ mú aago dání. Ẹ pe «Ó yá!», ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ pe «Ó tó!». Ìlù àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́yìn «Ó yá» ni ení. Ẹ kíyè sí ahọ́n wọn, torí pé kíkà náà ní wàhálà tirẹ̀. Lẹ́yìn eré sísá, ọkàn lè máa lù bíi mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí bí ọmọ ṣe lè pe «mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n» tán kí ìlù méjì mìíràn má ti kọjá. Kí wọ́n máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún títí dé ẹ̀wá nínú ọkàn wọn, kí ẹnìkejì máa ká ìka kan fún ẹ̀wá kọ̀ọ̀kan, kí òǹkà tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Ìka méjì tí a ká àti èje, 27 nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti gba èyí láàyè nínú kíláàsì mi ní Ọ̀yọ́ ni àríyànjiyàn orí nọ́ńbà ti dín kù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kíkà wọn ti dúró, ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì ka ọkàn ẹnìkan ṣoṣo, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, lábẹ́ «Ó yá» kan náà. Ọkàn kan ló ń lu ọwọ́ méjèèjì, torí náà bí èsì wọn bá fi ju ẹyọ kan lọ jìnnà síra, kí wọ́n tún un ṣe. Mo máa ń fi odindi àkókò kíláàsì kan ṣe èyí nìkan, láìsí eré kankan.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi oríkì ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú oríkì ìdílé rẹ̀ wá láti ilé, ìlà mẹ́fà tàbí méje tó mọ̀ dáadáa. Ẹni tí kò bá ní, kó lo ẹsẹ Bíbélì tàbí súrà tó mọ̀ sórí. Wọ́n á kọ́kọ́ kì í lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà wọ́n á máa yan lójú kan, lẹ́yìn náà wọ́n á máa gun àtẹ̀gùn fàràńdà, ìgbẹ̀yìn ni wọ́n á sáré lójú kan, kí wọ́n máa kì í lọ nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹ máa gbọ́ nìyí. Nínú ìpele ìrọ̀rùn, ọmọ á fa ohùn oríkì bó ṣe wù ú, á tiẹ̀ lè kọrin. Nínú ìpele àárín, ọ̀rọ̀ á ṣì máa jáde, ṣùgbọ́n á máa mí sí òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, kò sì ní lè fa ohùn orin mọ́. Nínú ìpele líle, ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ló máa jáde kí èémí tó já a gbà.

Ìdí rẹ̀ rọrùn láti sọ fún wọn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń mú èémí dúró díẹ̀ kó lè fi ohùn jáde. Bí iṣan ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ gidi, ó ń fẹ́ ọ́síjìn, ó sì ń tú kábọ̀n-dáyọ́ksáìdì sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á yára láti gbé ẹ̀jẹ̀ kiri, ẹ̀dọ̀fóró á yára láti lé kábọ̀n-dáyọ́ksáìdì náà jáde, ara ò sì ní gbà kí èémí dúró fún oríkì. Ohùn àti ìlù ọkàn ń tọ́ka sí ohun kan náà.

Ní báyìí, nọ́ńbà lè wọlé. Ìṣirò 220 − ọjọ́ orí tí ẹ kọ sí pátákó ti wà láti ọdún 1971, ara àwọn àgbàlagbà ni wọ́n sì ti fà á yọ. Nínú àgbàlagbà pàápàá, ó máa ń fi ìlù bíi 10 tàbí 12 ṣìnà sókè tàbí sísàlẹ̀. Nínú ọmọ tó ń dàgbà, ọjọ́ orí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí góńgó ìlù ọkàn padà: ọmọ ọdún 12 àti ọmọ ọdún 17, itòsí 200 ni tiwọn sábà máa ń wà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ilé ẹ̀kọ́ kan, mo fún àwọn ọmọ ọdún 15 ní 205 gẹ́gẹ́ bíi góńgó, mo ní kí wọ́n sáré títí wọ́n á fi dé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń kà, ó ń rí i pé òun ò tíì dé ibẹ̀, ó sì tún ń sáré, títí ó fi bì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó góòlù. Ara rẹ̀ ti sọ fún un tipẹ́ pé ó tó. Nọ́ńbà tí mo fún un ni kò jẹ́ kó gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi nọ́ńbà lé ọmọ níwájú bí ohun tí ó gbọ́dọ̀ lé bá mọ́.

Nítorí náà, ẹ lo 200 fún gbogbo kíláàsì. Ìpele àárín ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún góńgó, ó parí sí 76. Ìpele líle gba ibẹ̀ títí dé nǹkan bí 93. Fún góńgó 200, ìyẹn jẹ́ 128 sí 152, lẹ́yìn náà 154 sí 186. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ìyẹn sí pátákó. Ẹ pín in sí mẹ́fà fún wọn, kí ó bá ìṣẹ́jú àáyá 10 tí wọ́n ń kà mu. Ohun tí ó máa wà lójú pátákó kò ju báyìí lọ: 21 sísàlẹ̀, ìrọ̀rùn, 22 sí 25, àárín, 26 sí 31, líle, ohun tó bá ju 31 lọ, dín eré kù. Kò sí ìsọdipúpọ̀ tí ọmọ ń ṣe pẹ̀lú òógùn lójú. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé ìlù kan tí wọ́n bá ṣì kà jẹ́ mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, torí náà kí ẹni tó rí 25 àti ẹni tó rí 26 má bá ara wọn jà. Ojú ààlà ni àwọn méjèèjì wà, oríkì wọn ló máa sọ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sí.

Èyí ni bí ọjọ́ kẹta ṣe máa lọ. Ọmọ 52 jẹ́ ẹnì méjì-méjì lọ́nà 26. Ẹnìkan ń ṣe, ẹnìkejì ń kọ sílẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Àtẹ̀gùn tí wọ́n máa gùn kò gbọdọ̀ ga ju rúlà kan lọ, ìyẹn sẹ̀ntímítà 30. Ẹ fún ọmọ kan ní agogo kó máa lù ú ní ìgbà 16 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Lílù kan, ẹsẹ̀ kan gòkè. Èkejì, ẹsẹ̀ kejì gòkè. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ 24 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan. Láìsí agogo, àwọn ọkùnrin á sọ ọ́ di ìdíje, nǹkan tí ẹ fẹ́ wọ̀n á sì bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin ọdún 14 kan. Lórí ìjókòó, ó ka 41 ní ìṣẹ́jú àáyá 30, ìyẹn 82 ní ìṣẹ́jú kan. (Lórí ìjókòó, ọkàn kì í yí padà kíá, torí náà ó dára kí wọ́n kà á pẹ́.) Ó yan lójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta: 20, oríkì ń lọ geere, ìrọ̀rùn. Ó gun àtẹ̀gùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ̀lú agogo: 24, ó ń mí sí òpin ìlà, àárín. Ó sáré lójú kan fún ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú orúnkún tó ga: 29, «Ọmọ a... ọmọ a...», ọ̀rọ̀ ò parí, líle. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ìsinmi ó padà sí 21. Lẹ́yìn mẹ́ta, 17. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì to àmì kọ̀ọ̀kan sí pátákó, ẹ so wọ́n pọ̀. Òkè kékeré, òkè ńlá, ìsọ̀kalẹ̀ tó kọ́kọ́ ga tó wá ń rọra lọ: àwọn ọmọ á rí i pé ọkàn kì í kú wọ́ọ́ bí iná tí wọ́n pa.

Ẹ wá gbé ọmọkùnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lórí ìjókòó, 62. Àtẹ̀gùn kan náà, agogo kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́ta kan náà: 19. Iṣẹ́ tó jẹ́ àárín fún ọmọbìnrin yẹn, ìrọ̀rùn ni fún un. Kókó ẹ̀kọ́ náà wà níbí. Bí ọmọ bá béèrè pé «Sà, ṣé àtẹ̀gùn gígùn jẹ́ líle tàbí àárín?», ẹ dá ìbéèrè padà fún un pé «Fún ta ni?» Àtẹ̀gùn ò ní ìpele, ẹni tó ń gùn ún ló ní in. Ọkàn ọmọkùnrin náà ń ti ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jáde nínú ìlù kọ̀ọ̀kan, torí náà ìlù díẹ̀ tó o.

Fún àwọn kíláàsì àgbà, ẹ lè lọ jìn sí i pẹ̀lú ọ̀nà tí Martti Karvonen, ará Finland, gbé kalẹ̀ ní 1957. Ó ń wo àyè tó wà láàárín ìlù ìsinmi àti góńgó. Ti ọmọbìnrin náà jẹ́ 200 − 82, tó jẹ́ 118. Ti ọmọkùnrin jẹ́ 200 − 62, tó jẹ́ 138. Ìpele àárín bẹ̀rẹ̀ ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àyè yẹn, tí a fi kún ìlù ìsinmi: nǹkan bí 129 fún obìnrin, 117 fún ọkùnrin. Ẹ rí i pé ti obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ bá pátákó wa mu, ṣùgbọ́n fún ọmọkùnrin, 20 tí pátákó pè ní ìrọ̀rùn ti wọ ìpele àárín. Fún kíláàsì yín, ẹ fi èyí sílẹ̀ ná. Oríkì rẹ̀ á ti tú àṣírí náà.

Oòrùn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Ẹ tún àtẹ̀gùn yẹn ṣe lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù Ẹrẹ́nà: lẹ́ẹ̀kan ní kété lẹ́yìn ìpéjọ òwúrọ̀, lẹ́ẹ̀kan ní aago kan ọ̀sán. Nọ́ńbà ọ̀sán á sábà ga jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ò ṣe ju ti òwúrọ̀ lọ. Ara ń darí ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ kó lè tú ooru jáde, òógùn sì ń dín omi inú ẹ̀jẹ̀ kù, ọkàn wá gbọ́dọ̀ lù sí i láti ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ má mú eré sísá kún èyí lọ́sàn-án, ẹ sì ní omi mímu nítòsí.

Ṣáájú gbogbo rẹ̀, ẹ béèrè ní ìkọ̀kọ̀, kì í ṣe lójú gbogbo kíláàsì, ta ni ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ta ni ó ní ikọ́ fée, ta ni ibà ń ṣe, ta ni ó ń gbààwẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ fi agogo àti ìwé àkọsílẹ̀ lé lọ́wọ́. Ìlù agogo wọn ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé, torí náà ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí àyà bá ń dùn, tí òòyì ń kọ́, tàbí tí ètè rẹ̀ ń ṣú, kó jókòó lójú ẹsẹ̀, ohun yòówù tí nọ́ńbà rẹ̀ ì báà jẹ́, kí ẹ sì wá ìtọ́jú fún un.

Iṣẹ́ àṣetiléwá ni kí ẹ fi ṣe ìdánwò, ẹ má bi wọ́n ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan iṣẹ́ mẹ́ta tó ń ṣe nílé, kó ka ìṣẹ́jú àáyá 10 ní kété tó bá dáwọ́ dúró, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀: iyán gígún, omi fífà nínú kànga, ilẹ̀ gbígbá, gígun gẹ̀rẹ́ láti ọjà dé ilé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ní ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 60 lóòjọ́ nínú ìpele àárín sí líle. Kí wọ́n wá ṣírò iye ìṣẹ́jú tí àwọn iṣẹ́ ilé yẹn ti bù fún wọn nínú 60. Ẹni tó bá kọ wá pé ilẹ̀ gbígbá jẹ́ 30, ẹ pè é wá síwájú, ẹ fún un ní ìgbálẹ̀, kẹ́ ẹ jọ kà á.